Bí A Ṣe Ń Kọ Ìpolówó Ilé Kékeré

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn, ń wá ayálégbé sí yàrá kan àti pálọ̀ tí ó wà ní òkè. Ó kọ ọ́ sára pátákó báyìí pé: “Ilé aláyè gbàyè, iná kì í lọ, omi kì í tán.” Ènìyàn 11 ni ó wá wò ó, gbogbo wọn ni ó yí padà. Kì í ṣe pé ilé náà kò dára. Ọ̀rọ̀ “aláyè gbàyè” ni ó pe àwọn ọlọ́mọ púpọ̀ wá. Bí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n rí i pé a ti tan àwọn jẹ, wọn kò sì gba ìyókù gbọ́ mọ́, títí kan èyí tí ó jẹ́ òtítọ́.

Mo ní kí ó gbé òṣùwọ̀n wá. A wọn ilẹ̀ láti ara ògiri kan dé èkejì, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n yàrá lè fi ojú inú gbé ibùsùn rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Lẹ́yìn èyí ni a wá ohun rere ilé náà. Bí ọ̀rọ̀ ìyìn kan bá wá sí ẹnu, ẹ bi ara yín pé kí ni ó fà á, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà dípò ìyìn. Ọ̀rẹ́ mi ní ilé náà tutù. Kí ni ó fà á? Fèrèsé méjì ni ó dojú kọ ara wọn ní pálọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀kan wọlé, tí ó ń gba èkejì jáde. Ó ní ó sún mọ́ ọjà. A fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó gbà wá ní ìṣẹ́jú 8. (Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ wọn ọ̀nà Ìbàdàn kò mọ ohun tí òkè ń fi ojú ẹsẹ̀ rí.)

Ọ̀rọ̀ iná ni ó fa àríyànjiyàn. Ta ni ó lè ṣe ìlérí pé iná kò ní lọ? Èyí tí ó dájú ni pé ilé náà ní mítà tirẹ̀, ayálégbé kò sì ní san owó iná ẹlòmíràn. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ilé ìdáná pamọ́. Mo ní ẹni tí ó bá wá yóò ṣáà rí i, owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni a ó ti fi ṣòfò. Ohun tí a kọ nìyí:

“Yàrá kan àti pálọ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Mọ́kọ́lá, fún ẹnì kan tàbí tọkọtaya. Yàrá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 11, pálọ̀ jẹ́ 10 sí 12, fèrèsé rẹ̀ méjì sì dojú kọ ara wọn. Ilé ìdáná kéré, ẹnì kan ni ó gbà. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú, a kì í bá ẹlòmíràn lò ó. Mítà rẹ̀ dá wà. Omi kànga ni. A máa dínkù ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà. Ìrìn ìṣẹ́jú 8 ni sí ọjà. Kò sí àyè ọkọ̀.”

Ẹni 4 péré ni ó wá. Ẹnì kẹta, nọ́ọ̀sì tí ó ń dá gbé, mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ dání. Ó wọn yàrá, ó rí i pé ó bá ohun tí a kọ mu, ó sì béèrè ọjọ́ tí òun lè kó ẹrù wọlé.