Ká Fi Kún Ìpékeré, àbí Ká Dín Ṣinṣín?

Ká ní obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń dín ìpékeré tà. Ṣọ́ọ̀bù 60 ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì ń gba ọ̀rá 1,200 lọ́sẹ̀. ₦200 ló ń ta ọ̀rá kan fún oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì, ọ̀rá àti owó àwọn tó ń bá a bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kó ₦140 lọ nínú rẹ̀, ₦60 ló ń kù sí i lọ́wọ́. Ó ti rọra tọ́jú ₦600,000. Ló bá di ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní, "Ìyá onípékeré, àwọn èèyàn ń béèrè ṣinṣín o. Ẹ ò kúkú bá wa máa ṣe é?" Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ má dá wọn lóhùn. Ìpékeré yìí gan-an, a ò tíì tà á dé ibi tó yẹ ká tà á dé."

Àwọn méjèèjì ló sọ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Báwo ni ìyá yìí ṣe máa mọ èyí tí yóò gbà?

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Igor Ansoff, tí wọ́n bí ní Rọ́ṣíà ní 1918, tó sì di ará Amẹ́ríkà. Ní 1957, ó gbé àwòrán kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review, tó bá irú ọ̀rọ̀ báyìí mu. Ẹ fa ìlà kan dábùú ìwé, kí ẹ fa òmíràn láti òkè wá sísàlẹ̀ láàárín rẹ̀, yàrá mẹ́rin yóò yọ. Ohun tí à ń tà la fi pín òsì àti ọ̀tún: èyí tó ti wà nílẹ̀ lósì, tuntun lọ́tùn-ún. Ẹni tó ń rà á la fi pín òkè àti ìsàlẹ̀: oníbàárà àtijọ́ lókè, tuntun nísàlẹ̀. Ìpékeré fún ṣọ́ọ̀bù 60 yẹn wà lókè lósì. Ṣinṣín fún ṣọ́ọ̀bù kan náà wà lókè lọ́tùn-ún. Ká gbé ìpékeré lọ sí Ìlọrin, ìyẹn wà nísàlẹ̀ lósì. Ká gbé ṣinṣín lọ bá àwọn tí a ò mọ̀ rí, ìyẹn ni yàrá ìkẹrin, ibẹ̀ ló sì léwu jù, nítorí a ò mọ ọjà, bẹ́ẹ̀ la ò mọ ẹni tí yóò rà á.

Àwòrán yìí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé yàrá báyìí ni kó wọ̀. Ohun tó ń fi hàn ni bí ohun tí a kò mọ̀ ṣe ń pọ̀ tó bí a ṣe ń jìnnà sí yàrá àkọ́kọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ṣé yàrá àkọ́kọ́ ti kún?

Ìwé tí ìyá yìí ń kọ ọjà sí ló máa dáhùn. Ó ṣí i, ó rí i pé ṣọ́ọ̀bù 20 ń gba ọ̀rá 36 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n 40 yòókù kò gbà ju 12 lọ. Kí ló fa ìyàtọ̀? Àwọn 20 wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn 40, ìpékeré a sì ti tán níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹrin á ra nǹkan mìíràn. Yàrá yìí kò tíì kún.

Ká ní ọlọ́kadà yóò gba ₦10,000 lọ́sẹ̀ láti máa gbé ọjà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ṣọ́ọ̀bù 40 yẹn bá ti orí 12 dé 20, ọ̀rá 320 ló lé, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦19,200. Tí a bá yọ owó ọ̀kadà, ó ku ₦9,200 lọ́sẹ̀, láìfọwọ́ kan owó tó tọ́jú. Kó má fi gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ o. Kó fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Ọjà tí a kó sí ṣọ́ọ̀bù kò tíì di títà títí ẹnìkan yóò fi jẹ ẹ́. Bí a bá ń kó o fún wọn láwìn, ìwé yóò kún, orí pẹpẹ náà yóò kún, ìpékeré yóò sì rọ̀ sínú ọ̀rá. Nítorí náà, kó tó já tuntun sílẹ̀, kó ka èyí tó ṣẹ́ kù. Gbàǹjo náà lè tanni: ẹni tó ra mẹ́ta lónìí nítorí ẹ̀dínwó lè má rà mọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì.

Kì í ṣe ẹ̀dínwó nìkan ló ń mú oníbàárà rà sí i. Iléeṣẹ́ Church & Dwight ní Amẹ́ríkà ń ta ẹ̀tù ìyan àkàrà òyìnbó tó ń jẹ́ Arm & Hammer. Ní 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó pé kí àwọn èèyàn ṣí páálí rẹ̀ kan kalẹ̀ sínú fíríìjì kó máa fa òórùn. Ẹ̀tù kan náà ni, àwọn ìyálé ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n páálí tó ti ń pẹ́ nílé ìdáná wá ní iṣẹ́ mìíràn.

Ó ku ṣinṣín. Ká ní ẹ̀rọ ìpo ìyẹ̀fun, ọ̀rá tuntun àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC yóò gba ₦600,000 yẹn tán, nítorí nọ́ńbà ìpékeré kò bo ṣinṣín. Èrè ọ̀rá kan jẹ́ ₦70. Bí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan bá gba mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ₦42,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ẹni mẹ́wàá tó ra ṣinṣín, ká ní mẹ́ta ni ì bá ti ra ìpékeré rẹ̀. Ọ̀rá ìpékeré 180 lọ, ₦10,800 sì bá a lọ. Ó ku ₦31,200, owó rẹ̀ yóò sì padà láàárín nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbà, ₦12,480 péré ló máa kù lọ́sẹ̀, yóò sì tó nǹkan bí ọdún kan kí owó tó padà. Bí agbada kan náà bá ló ń dín méjèèjì, ìpékeré ló máa dúró de ṣinṣín.

Gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ mẹ́wàá àbí mẹ́rin, kò sì sí èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ó mọ ìdí tí ìpékeré fi ń tán. Ti ṣinṣín, ẹnu oníṣọ́ọ̀bù kan ló ti gbọ́ ọ.

Ṣé ìpékeré aláta ńkọ́, ọjà tuntun ni àbí ti àtijọ́? Ìlà àárín yàrá kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, kí ló kù tí a máa kọ́, kí la sì máa rà? Ata díẹ̀ nínú agbada àtijọ́ kò jìnnà sí yàrá àkọ́kọ́. Ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ẹ̀rọ jìnnà sí i.

Kí ìyá yìí fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Bí ìpékeré kò bá tán ní ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn, tó bá ń wà lórí pẹpẹ nígbà gbogbo, síbẹ̀ tí wọn kò kúrò lórí 12 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yàrá àkọ́kọ́ ti kún níbẹ̀, ó sì lè kọjú sí ṣinṣín. Àmọ́ kó tó ra ẹ̀rọ, kó dín díẹ̀ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì padà lọ bá ẹni tó béèrè rẹ̀: "Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣinṣín. Ọ̀rá mélòó ni kí n kọ fún yín, ẹ sì lè san ìdajì owó rẹ̀ sílẹ̀?" Iye tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni kó kọ sí yàrá kejì.