Ohun Tó Mú Kí Omi Òjò Kan Díẹ̀

Ní Òkè-Sopẹn, ọ̀kan nínú ìlú márùn-ún tó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í ṣe gbogbo òjò là ń gbé nǹkan dè. Àkọ́rọ̀ tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, òrùlé la máa ń jẹ́ kó fọ̀. Eruku ọyẹ́, ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá, gbogbo rẹ̀ ni yóò bá òṣọ̀ọ̀rọ̀ wálẹ̀. Ó dìgbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa, tí omi tó ń já láti orí páànù ti mọ́ gaara, kí wọ́n tó gbé àgbá àti báfù sídìí rẹ̀. Omi yìí ni ọṣẹ kékeré ti ń hó yàà. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí omi tó mọ́ jù lọ, pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ohun kan wà nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ yẹra fún páànù pátápátá: ká gbé abọ́ tó mọ́ sórí tábìlì láàárín àgbàlá, níbi tí kò sí òrùlé tàbí igi lókè rẹ̀, kí òjò tó ti ń rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá ti ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n pH bọ inú omi náà, kò ní fi 7 hàn, ìyẹn iye tí omi tí kò kan, tí kò sì ní eérú nínú, máa ń jẹ́. Nǹkan bíi 5.6 ni yóò fi hàn, tàbí kó tún rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí iye pH bá ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ásíìdì inú òjò tó wà ní 5.6 tó ìlọ́po 25 ti omi tó wà ní 7. Ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí ọsàn wẹ́wẹ́ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po kan jù ú lọ.

Afẹ́fẹ́ tí òjò gbà kọjá ló fún un ní ásíìdì yìí. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 10,000, nǹkan bíi 4 péré nínú rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́sàìdì, gáàsì tí àwa àti ẹran ń mí síta, tí igi tó ń jó àti ewé tó ń jẹrà náà ń tú sílẹ̀. Omi máa ń fa gáàsì yìí mọ́ra. Ẹ̀kán òjò kéré, afẹ́fẹ́ sì yí i ká látòkè délẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gba èyí tó lè gbà. Nígbà tó bá fi délẹ̀, gáàsì inú lítà omi kan jẹ́ nǹkan bíi 0.6 mílígíráàmù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò kàn wà nínú omi bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló máa so pọ̀ mọ́ omi di ásíìdì kábọ́níìkì, tí yóò wá pín sí méjì:

CO₂ + H₂O ⇌ H₂CO₃ ⇌ H⁺ + HCO₃⁻

H⁺ yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Ásíìdì yìí kan náà ló wà nínú ẹlẹ́rìndòdò, àfi pé ilé iṣẹ́ fi agbára ti gáàsì tiwọn wọlé, tó fi pọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ti inú òjò.

Kí ló dé tí ohun tí kò tó mílígíráàmù kan fi lè fa iye náà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé kò sí ohun tó lè dá a dúró nínú òjò ni. Oòrùn ló fa omi náà sókè, ó sì fi iyọ̀ àti àwọn èròjà inú ilẹ̀ sílẹ̀. Omi tó ti inú òkúta ẹfun jáde, irú èyí tó wà ní Ewékorò, ní ohun tó lè pa ásíìdì púpọ̀ láìjẹ́ kí pH rẹ̀ mì.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe èéfín ilé iṣẹ́. Ẹ se omi inú abọ́ yẹn kó hó dáadáa, ẹ dé e pa, kó tutù. Gáàsì á ti jáde, pH rẹ̀ á sì ti gòkè sún mọ́ 7. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, yóò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín sínú rẹ̀, yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4.6, nítorí gáàsì yìí pọ̀ nínú èémí tó nǹkan bí ìlọ́po 100 ti inú afẹ́fẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ásíìdì tí sọ́fọ̀ tàbí náítírójìn bí ló wà nínú òjò, irú èyí tí onímọ̀ kẹ́mísírì Robert Angus Smith rí ní Manchester, tó sì kọ ìwé lé lórí ní 1872, sísè kò ní lé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe sùúrù fún ẹ̀rọ náà. Omi òjò kò ní iyọ̀ tó, ẹ̀rọ á máa ṣiyèméjì, iye rẹ̀ á máa yí kiri. Ẹ fi òjò kan náà ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì dúró kó fìdí múlẹ̀. Ìwé alámì tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú kì í sọ òótọ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ 5.6 di òfin. Igbó fúnra rẹ̀ àti igbó sísun ń tú àwọn ásíìdì mìíràn sínú afẹ́fẹ́, mànàmáná náà ń ṣe tirẹ̀. Ní Lamto ní Côte d'Ivoire, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, tí wọ́n sì ti ń wọn òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bíi 5 lé díẹ̀ ni wọ́n ń rí. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, eruku ọyẹ́ ní èròjà tó ń pa ásíìdì. Àkọ́rọ̀ tó dọ̀tí yẹn lè fi pH tó ga ju ti òjò mímọ́ lọ hàn! Mo rò pé ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣì: pH kì í ṣe ìwọ̀n ìmọ́tótó. Ìlànà omi mímu ní Nàìjíríà ní kó wà láàárín 6.5 sí 8.5, òjò tó mọ́ jù lọ kò sì kúnjú rẹ̀. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù níbẹ̀ ni pé omi tó kan máa ń jẹ irin. Òjò náà ń kó síǹkì díẹ̀ lára páànù. Bó bá sì bọ́ sínú táńkì sìmẹ́ńtì tuntun, yóò jẹ lára sìmẹ́ńtì náà títí pH rẹ̀ yóò fi kọjá 8.

Èyí tó bá wọnú ilẹ̀ ló tún máa ń kan sí i. Gbòǹgbò kòkó àti obì ń mí, ewé ń jẹrà, gáàsì tó wà láàárín erùpẹ̀ sì lè pọ̀ ju ti òkè lọ ní ìlọ́po 10 sí 100. Ní apá Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, òkúta líle tó wà nísàlẹ̀ máa ń pa ásíìdì náà díẹ̀díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá Ogun Waterside, iyanrìn ló pọ̀, iyanrìn kò sì ní ohun tó lè fún un, nítorí náà omi kànga irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kan ju òjò lọ. Páìpù irin tó pupa, tí omi rẹ̀ ń fi àwọ̀ ìpẹtà sára báfù, ni àmì rẹ̀. Páìpù rọ́bà ló yẹ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọn omi kànga bẹ́ẹ̀, kó wọ̀n ọ́n lẹ́bàá kànga gan-an, bí wọ́n bá ṣe ń fà á jáde. Bó bá gbé e nínú ìgò délé, tó ń mì lọ́nà, tó sì ṣí i, gáàsì á ti sá jáde, ẹ̀rọ á sì kà á bíi pé omi náà kò kan tó bẹ́ẹ̀.