Ohun Tí A Ń Dà Sínú Ihò Búlọ́ọ̀kù

Níbi tí wọ́n bá ti ń po kọnkéré, omi ni ọ̀gá bíríkìlà máa ń pariwo lé lórí jù. "Ẹ má da omi sí i mọ́!" Òótọ́ ló ń sọ, nítorí omi àpọ̀jù máa ń gba agbára lọ́wọ́ sìmẹ́ńtì. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà lára ògiri tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá mu: dída gíráótì sínú ihò búlọ́ọ̀kù tí irin dúró sí láàárín. Ó yẹ kí gíráótì yìí máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹni tó bá pò ó kó le bíi kọnkéré dẹ́kì ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ni pé búlọ́ọ̀kù máa ń mu omi. Ihò tó wà nínú búlọ́ọ̀kù 9 ínṣì oníhò méjì kì í sábà ju 150 mìlímítà lóòró àti 125 níbùú lọ. Irin tún wà nínú rẹ̀, mọ́tà tí wọ́n fi to búlọ́ọ̀kù sì máa ń yọ ahọ́n sínú ihò náà níbi tí búlọ́ọ̀kù kan bá ti pàdé èkejì. Bí gíráótì bá ki, ara búlọ́ọ̀kù á ti fa omi rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀, á há sójú ọ̀nà, gbogbo abẹ́ rẹ̀ á sì ṣófo. Bó bá ń ṣàn, á kọ́kọ́ yí irin ká, á wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni búlọ́ọ̀kù á tó fa omi tó pọ̀ jù kúrò. Omi tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn èyí ló ń pinnu bó ṣe máa le tó, kì í ṣe gbogbo omi tí wọ́n fi pò ó.

Àwọn tó ń dán agbára gíráótì wò ní Amẹ́ríkà kì í gbàgbé èyí. Bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré sínú ago irin tàbí ike kí wọ́n tó fọ́ ọ wò, wọn kì í ṣe gíráótì bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù gan-an ni wọ́n ń tò yí àyè kékeré kan ká, wọ́n á fi bébà ìnuwọ́ tẹ́ ara rẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá da gíráótì sáàárín. Tí wọ́n bá lo ago irin, omi ò ní ríbi jáde, àyẹ̀wò náà á sì máa sọ pé gíráótì tó dára kò lágbára.

Ìwárìrì ilẹ̀ ló jẹ́ kí Kalifóníà mú irú ògiri yìí lọ́kùn-únkúndùn. Lóṣù kẹta ọdún 1933, ilẹ̀ mì ní Long Beach, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi bíríkì lásán kọ́ sì wó. Òfin tó tẹ̀ lé e fòpin sí fífi bíríkì tí kò ní irin kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ tiwa kì í sábà mì bẹ́ẹ̀, àwọn òpó kọnkéré ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ilé wa dúró. Ṣùgbọ́n ògiri ọgbà gígùn tí afẹ́fẹ́ ń tì, tàbí ògiri tí erùpẹ̀ fara tì, nílò irin tó gba inú ihò.

Ìlànà ASTM C476 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ò le rárá. Òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí iyanrìn méjì àti ìdá mẹ́rin títí dé mẹ́ta ni gíráótì aláìlókùúta. Bí ihò bá fẹ̀ díẹ̀, wọ́n máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́, òṣùwọ̀n kan sí méjì, kún un. Òkúta náà ò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 10 mìlímítà lọ. Láti mọ̀ bóyá ó ṣàn tó, wọ́n máa ń rọ ọ́ kún agolo onímulẹ̀ tó ga ní 12 ínṣì, wọ́n á fa agolo náà sókè, wọ́n á wá wo bí òkìtì náà ṣe wálẹ̀ tó. Gíráótì tó dára gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ní 8 sí 11 ínṣì, ìyẹn ni pé á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Síbẹ̀, bí omi bá dá dúró lójú rẹ̀ tí iyanrìn sì rì sísàlẹ̀, ó ti kọjá ààlà.

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri ọgbà kan tó gùn ní mítà 6, tó ga ní mítà 2, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù 9 ínṣì mọ ní ìlà mẹ́jọ. Ká ní ẹnjiníà ní kí irin 12 mìlímítà wà nínú ihò kan nínú mẹ́rin. Ihò méje nìyẹn. Ibi ìpìlẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: bí wọn ò bá to búlọ́ọ̀kù gbígbẹ wò kí wọ́n tó ri ìdí irin mọ́ kọnkéré ìpìlẹ̀, irin á hù sábẹ́ ara búlọ́ọ̀kù dípò inú ihò, bíríkìlà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí idẹ. Ìdí irin tó yọ sókè gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 600 mìlímítà, kí irin tó máa so mọ́ ọn lè fara kan án tó.

Ní ìsàlẹ̀ ihò méjèèje, ó yẹ kí wọ́n ṣí ojú kékeré kan sílẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù ìlà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó mọ́tà tó já bọ́ jáde, tí wọ́n á sì ti rí i pé irin dúró sáàárín. Wọ́n á wá fi pákó dí i pa kí gíráótì tó wọlé. Àwọn bíríkìlà wa kì í fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, nítorí ó ń fi àkókò ṣòfò lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí ìṣáná mọ́tà bá jókòó sí ìdí irin, ibi tí ẹrù ti pọ̀ jù lára ògiri gan-an ni irin ò ti ní dìrọ̀ mọ́ nǹkan kan.

Ìpele méjì ni kí wọ́n fi kún un, mítà kan mítà kan, lẹ́yìn tí mọ́tà ìlà mẹ́rin ti gbẹ fún ó kéré tán ọjọ́ kan. Gíráótì tútù máa ń ti ògiri síta bí omi tó wà nínú táńkì. Bí ó bá ga jù nígbà tí mọ́tà ṣì rọ̀, ojú búlọ́ọ̀kù á bẹ́. Kí wọ́n dúró ní nǹkan bí ínṣì kan àbọ̀ sí etí òkè búlọ́ọ̀kù, kí ìpele kejì lè rí ibi dì mú.

Ike ọ̀dà 20 lítà ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣọ́ iṣẹ́ yìí. Ihò kan, ní gíga mítà kan, ń gba bíi lítà 18 sí 19, ìyẹn ike kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bí ihò kan bá kún lẹ́yìn ìdajì ike, nǹkan kan ti dí i lábẹ́. Kí wọ́n dáwọ́ dúró kó tó le. Gbogbo ihò méje náà, láti ìsàlẹ̀ dókè, ń gba bíi lítà 262. Bí a bá po àpò sìmẹ́ńtì kan mọ́ iyanrìn òṣùwọ̀n méjì àbọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ òṣùwọ̀n kan àbọ̀, ó ń fún wa ní nǹkan bíi lítà 125. Àpò méjì àti díẹ̀ ló máa tán síbẹ̀. Bíríkìlà tó bá ní òun fi àpò kan kún gbogbo rẹ̀ ní láti sọ ohun tó kù tó kó sínú ihò. Lọ́pọ̀ ìgbà, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti bébà àpò sìmẹ́ńtì ni.

Dídà nìkan ò tó. Wọ́n á ti ẹnu tín-ín-rín ẹ̀rọ agbọnkọnkéré bọ inú ihò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá ti mu omi tí gíráótì sì ti wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún un gbọ̀n. Ìgbà kejì yìí ni wọ́n sábà máa ń fò. Bẹ́ẹ̀, omi tí búlọ́ọ̀kù mu ti fi àyè sílẹ̀, gíráótì sì lè ti fà sẹ́yìn kúrò lára irin. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, ìlànà ò fàyè gba kí wọ́n fi ọ̀pá gún ohun tó bá ju ínṣì 12 lọ, nítorí náà kí wọ́n máa kún ihò bí ìlà búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń wọlé. Kí irin sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dà á o! Irin tí wọ́n tì bọ gíráótì lẹ́yìn máa ń fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Bí gíráótì ṣe ń gòkè nínú ihò, omi máa ń jáde sójú ògiri, ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ibi tí kò bá ṣókùnkùn láàárín ibi tó ṣókùnkùn, ó ṣeé ṣe kó ṣófo. Lẹ́yìn tí ògiri bá gbẹ, òòlù kékeré ni ká fi kàn án: ibi tó kún máa ń dún gbì, èyí tó ṣófo á sì dún bí agolo. Bí ìró bá mú iyèméjì wá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò kékeré kan wò. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé ó ṣófo, wọ́n á gé ojú búlọ́ọ̀kù náà lókè ibi tó ṣófo, wọ́n á rọ gíráótì aláìlókùúta gba ibẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi mọ́tà dí ojú rẹ̀.