Dúrọ́ọ̀ Tó Ń Há, Tó Ń Já Bọ́: Ẹ Wọn Àlàfo Kí Ẹ Tó Ra Réèlì Tuntun

Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ la bá dé lónìí. Ẹ mọ irú èyí tí mò ń wí: ẹ fà á, ó há sí ìdajì ọ̀nà. Ẹ tì í padà, ẹ̀yìn rẹ̀ já bọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá l'Ágbówó tàbí ní Bódìjà, tí ẹ bá wọ́dúróòbù onílé nínú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan owó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, éjẹ́ǹtì lè wo dúrọ́ọ̀ tó ti tú, kó ní inú owó kọ́ṣọ̀n yín ni wọ́n ti máa tún un ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ ra réèlì tuntun, wọ́n á dè é sí ibi tí ti àtijọ́ wà. Kò ní pẹ́ tí tuntun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìdí ni pé rólà kì í sábà jẹ láìnídìí. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni pé ọ̀nà tó ń rìn lórí rẹ̀ ti wọ́, tàbí pé àlàfo tó yẹ kó wà láàárín dúrọ́ọ̀ àti ògiri kọ́bọ́ọ̀dù ti yí padà. Nítorí náà, téèpù ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú owó.

Irú réèlì wo lẹ ní?

Ẹ fa dúrọ́ọ̀ náà jáde títí dé òpin, kí ẹ wá gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀. Tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, onírólà ni. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn ní funfun ni, ó sì ní táyà kékeré oníke kan ní ìpẹ̀kun. Òun ló pọ̀ jù nínú wọ́dúróòbù olówó pọ́ọ́kú, lórí rẹ̀ ni màá sì dúró sí lónìí. Tí ẹ bá rí irin tó ń yọ nínú irin, tí gólí kéékèèké wà láàárín wọn, onígólí nìyẹn. Tí gólí bá ti ń já bọ́ lára rẹ̀, kò sí àtúnṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Réèlì onírólà pín sí mẹ́rin. Méjì wà lára dúrọ́ọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, rólà wọn sì wà lẹ́yìn. Méjì wà lára ògiri kọ́bọ́ọ̀dù, rólà tiwọn wà níwájú. Nígbà tí ẹ bá ń ti dúrọ́ọ̀ wọlé, rólà ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí lọ sí ẹ̀yìn lórí réèlì ara ògiri, rólà iwájú sì ń gbé dúrọ́ọ̀ náà láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó máa jẹ́ ká mọ ibi tí àṣìṣe wà.

Ìdajì íǹṣì lápá kọ̀ọ̀kan

Réèlì onírólà fẹ́ àlàfo mìlímítà 12.5 lápá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdajì íǹṣì. Tí a bá ro ọ̀tún àti òsì pọ̀, ó jẹ́ mìlímítà 25. Tí àlàfo náà bá dín, àwọn irin á máa fún ara wọn, dúrọ́ọ̀ á há. Mìlímítà kan tó bá lé kì í fa wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, rólà á máa rìn ní etí réèlì, títí tó fi máa bọ́ sílẹ̀.

Báyìí lẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ dúrọ́ọ̀ náà kúrò. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti ìta sí ìta, pákó sí pákó, ẹ má ka irin mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn inú kọ́bọ́ọ̀dù láti ògiri pákó kan sí èkejì, lẹ́ẹ̀mejì: níwájú àti lẹ́yìn pátápátá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín kí ẹ lè rí téèpù dáadáa nínú òkùnkùn ibẹ̀. Ẹ yọ ìwọ̀n dúrọ́ọ̀ kúrò nínú ìwọ̀n kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó kù ni àlàfo yín.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní dúrọ́ọ̀ kan fẹ̀ ní mìlímítà 375. Inú kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ 400 níwájú, ó sì jẹ́ 405 lẹ́yìn. Níwájú, àlàfo jẹ́ 25, ó pé. Lẹ́yìn, ó jẹ́ 30, ó fi márùn-ún lé. Ẹ rántí pé rólà ẹ̀yìn ń lọ sí ẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá ń ti dúrọ́ọ̀ wọlé. Nítorí náà, dúrọ́ọ̀ yìí á yọ̀ dáadáa níbẹ̀rẹ̀, á wá já bọ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó wọlé tán. Tí ẹ bá ra réèlì tuntun fún un, ibẹ̀ náà ló ti máa já bọ́.

Kí ló mú kí ẹ̀yìn fẹ̀ ju iwájú lọ? Ẹ wo pílaíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kàn sẹ́yìn wọ́dúróòbù. Òun ló ń di ògiri méjèèjì mú. Tí wọ́dúróòbù bá fara ti ògiri tó ń tutù lásìkò òjò, pílaíwúùdù yẹn á rọ̀, ìṣó rẹ̀ á tú, ògiri pákó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn síta.

Tí wọ́dúróòbù náà bá ṣeé gbé, ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò, kí ẹni méjì fà á kúrò lára ògiri. Ẹ fi okùn gbá a lẹ́yìn, kí ẹ fún un títí inú rẹ̀ fi máa padà sí 400 tàbí 401. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kan pílaíwúùdù náà padà pẹ̀lú ìṣó íǹṣì kan. Ẹ fi nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan ààbọ̀ sí àárín ìṣó sí ìṣó. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e padà, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín òun àti ògiri.

Tí wọ́n bá ti kàn án mọ́ ògiri, ẹ fi páálí dí àlàfo náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ tú síkúrúù ẹ̀yìn réèlì ara ògiri, ẹ ki páálí líle tó nípọn tó mìlímítà méjì sẹ́yìn rẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dè é padà. Ẹ má fi sí iwájú, nítorí iwájú pé tẹ́lẹ̀.

Tí àlàfo bá pé, ṣùgbọ́n tó ṣì ń há

Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni pé gíga réèlì méjèèjì kò dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù dé ìsàlẹ̀ réèlì, níwájú àti lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ó yẹ kí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù fún èyí o. Fóònù á sọ bóyá nǹkan tẹ́jú sí ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n wọ́dúróòbù yín fúnra rẹ̀ lè má tẹ́jú. Kí réèlì méjèèjì bára wọn mu ló ṣe pàtàkì.

Ẹ máa rí i pé àwọn ihò kan lára réèlì gùn bí ẹyin, àwọn yòókù sì rí róbótó. Ihò gígùn ni ti àtúnṣe. Ẹ fi síkúrúù sínú ihò gígùn nìkan ná, ẹ má dè é pinpin, ẹ sún réèlì sókè tàbí sísàlẹ̀ títí yóò fi dọ́gba. Ẹ ti dúrọ́ọ̀ wọlé wò. Tó bá yọ̀ geere, ẹ wá fi síkúrúù kan sínú ihò róbótó kó má lè yẹ̀ mọ́.

Èkejì ni orí síkúrúù. Ẹnì kan ti lè fi síkúrúù olórí gbàǹgbà rọ́pò èyí tó sọnù, rólà á sì máa kọ lù ú nígbà gbogbo. Èyí tí orí rẹ̀ rì wọnú irin ni kí ẹ lò. Kó má gùn ju mìlímítà 16 lọ, kó má baà lu pákó mìlímítà 18 já sí òdì kejì.

Tí síkúrúù bá ń yí lásán nínú pákó, ihò ti gbòòrò. Ẹ má lọ wá síkúrúù tó tóbi jù. Ẹ ki igi ìṣáná méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ti gé orí wọn kúrò, tí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà pa, sínú ihò náà. Ẹ gé èyí tó yọ síta. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó de síkúrúù padà pẹ̀lú ọwọ́, díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà wo ni rólà ti jẹ tán?

Ẹ fi ìka yí i. Rólà tó dára á yí láìdúró, kò ní mì sọ́tùn-ún sósì. Tí apá kan rẹ̀ bá ti pẹlẹbẹ, tó ti là, tàbí tí irin tó dì í mú ti tú débi pé ó ń mì, ó ti lọ nìyẹn. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí ẹ bá rí lórí réèlì, ara rólà tó ń jẹ ni.

Lára ọ̀pọ̀ réèlì báyìí, wọ́n ti tẹ irin àárín rólà pa mọ́ ọn, kò ṣeé tú. Ẹ pààrọ̀ réèlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì mú ọ̀kan dání lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan èlò káfíńtà. Gígùn réèlì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi rà á, bí íǹṣì 14, 16 tàbí 18. Ẹ má fi ti ojú dúrọ́ọ̀ rà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ara irin náà fún lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i: CL àti CR lọ sára kọ́bọ́ọ̀dù, òsì àti ọ̀tún, DL àti DR lọ sára dúrọ́ọ̀. Bí wọ́n bá dì í papọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, CL méjì lè wọ inú páálí kan, ẹ̀yin lẹ máa padà wá.

Ẹ má fi epo pupa tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa rólà. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn á sì tún dá dúrọ́ọ̀ dúró. Aṣọ gbígbẹ tó láti nù ún. Dúrọ́ọ̀ àtijọ́ tí kò ní irin, tí pákó ń yọ̀ lórí pákó, ni ẹ lè fi àbẹ́là ra. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò nìkan ló ń há, ẹ má fá a. Igi ló wú. Tí ọyẹ́ bá dé, á sún kì, èyí tí ẹ bá fá á wá di àlàfo.

Ohun kan wà tí kò sí àtúnṣe fún. Tí pákó alátẹ̀pọ̀, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, bá ti mu omi tó sì wú bí búrẹ́dì, síkúrúù kò ní dúró lára rẹ̀ mọ́, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Káfíńtà ló máa gé pákó mìíràn síbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, pàápàá tó bá jẹ́ pé ògiri onílé ló ń jò. Fọ́tò yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ló máa gbèjà owó kọ́ṣọ̀n yín nígbà tí ẹ bá ń kó jáde.

Ó dìgbà kan ná.