Ọjọ́ Wo Gan-an Ló Pé Márùndínláàádọ́ta?

Káfíńtà tó ní òun yóò kó àga dé láàárín ọjọ́ márùndínláàádọ́ta kò tíì dá ọjọ́ kankan. Iye ló dá. Oníbàárà á ti mú ọjọ́ tirẹ̀ sọ́kàn, káfíńtà náà á ti mú tirẹ̀, ọjọ́ méjèèjì sì lè máà jọra. Ìdí rèé tí àwọn tí òwò yé fi máa ń kọ lẹ́tà ṣókí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ọjà fún wọn: wọ́n á ka ọjọ́ náà tán, wọ́n á sì kọ orúkọ ọjọ́ tó kẹ́yìn sílẹ̀.

Ká sọ pé ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn nílò ọgọ́ta àga àti ọgọ́ta tábìlì kí wọ́n tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù Keje, ọdún 2025, ni wọ́n kọ ọ́dà. Kíkà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 18. Ọjọ́ 31 ló wà nínú oṣù Keje, ọjọ́ 14 ló sì kù níbẹ̀. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 45, ó ku 31, oṣù Kẹjọ sì ní ọjọ́ 31 géérégé. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè gba ọ̀nà mìíràn: ọjọ́ 45 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 31 náà lóòótọ́.

Ibi tí àríyànjiyàn ti ń wá ni ìbẹ̀rẹ̀ kíkà. Bí káfíńtà bá ka ọjọ́ ọ́dà mọ́ ọn, ọjọ́ 30 ló máa dé. Báyìí náà làwọn àgbà ṣe ń ka ọjà: ọjà tí wọ́n ní ó ń pé ọjọ́ márùn-ún, lójú kàlẹ́ńdà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Ní ti òfin Nàìjíríà tó sọ bí a ṣe ń túmọ̀ àwọn òfin yòókù, abala 15 rẹ̀ yọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kúrò nínú kíkà, bí ọjọ́ tó kẹ́yìn bá sì bọ́ sí Àìkú tàbí ìsinmi ìjọba, ó sún un sí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Orí àwọn òfin ni abala yìí dúró lé, kì í ṣe orí lẹ́tà ẹni àti káfíńtà rẹ̀. Ó sàn kí lẹ́tà fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Èyí tó tún burú jù ni àsansílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ gbà pé ọjọ́ tí owó wọlé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá san owó ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ni káfíńtà ń rò.

Lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ gbà láti kó ọgọ́ta àga àti ọgọ́ta tábìlì dé láàárín ọjọ́ 45 sí ọ́dà wa ti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù Keje, 2025. Ọjọ́ kejì ọ́dà la ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí a san àsansílẹ̀, ọjọ́ Àìkú àti ìsinmi sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn bọ́ sí Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Nítorí pé ẹ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, a jọ fẹnu kò lórí fóònù sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 30, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, nínú ọgbà ilé-ìwé wa. Ọjọ́ yìí kò ṣeé yẹ̀, torí àwọn ọmọ ń wọlé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lu ẹ̀dà kejì kí ẹ dá a padà.”

Gbólóhùn orí fóònù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Oníbàárà kò lè dá nìkan gé ọjọ́ kan kúrò nínú àdéhùn. Bí káfíńtà kò bá gbà, ọjọ́ 31 ṣì ni. “Nínú ọgbà ilé-ìwé wa” náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú òfin ọjà títà tí Nàìjíríà jogún láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, bí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ ibi tí a ó ti gba ọjà, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á ni. Káfíńtà tó ti tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ 30 lè ní òun ti mú àdéhùn ṣẹ.

Bí ọjọ́ bá kọjá ńkọ́? Oníbàárà tó bá ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá, tó sì ń dúró, ti ń fi ọjọ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú èyí dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1950. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n kan ara mọ́tò Rolls-Royce fún òun. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, ó ń dúró, ó ń rọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ó kọ̀wé sí wọn pé bí mọ́tò kò bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òun kò ní gbà á mọ́. Ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dáadáa kí mọ́tò tó ṣe tán, ó kọ̀ ọ́, ilé-ẹjọ́ sì gbè é: ẹni tó ti fi ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lè dá òmíràn, bí àyè tó fún wọn bá mọ́gbọ́n dání. Bí àga ilé-ìwé kò bá dé ní ọjọ́ 30, tí ọ̀gá ilé-ìwé sì gbà láti dúró, lẹ́tà kejì ló kù, pẹ̀lú ọjọ́ tuntun nínú rẹ̀.