Báwo la ṣe mọ̀ pé 22/7 ju páì lọ?

Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì ìṣirò rí á rántí pé 22/7 ni tíṣà ní ká fi rọ́pò π tí a bá fẹ́ wọn àyíká róbótó. Iye náà wúlò, àmọ́ kì í ṣe páì gan-an: ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Archimedes ti fi èyí hàn láyé àtijọ́ pẹ̀lú àwòrán onígun 96. Lọ́dún 1944, D. P. Dalzell tẹ ọ̀nà mìíràn jáde tó kúrú gan-an, íńtígírà kan ṣoṣo ló sì dúró lé.

Íńtígírà fọ́ńṣọ̀n tí kò bọ́ sísàlẹ̀ òdo ni ìwọ̀n àyè tó wà lábẹ́ ilà gíráàfù rẹ̀, láti ibì kan dé ibì kejì. Tí òrùlé ilé kan bá rẹlẹ̀ ju ti ilé kejì lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ wọn lé sì dọ́gba, àyè inú ilé àkọ́kọ́ kò lè ju ti ìkejì lọ. Òfin tí a fẹ́ lò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí f(x) kò bá ju g(x) lọ níbikíbi láti a dé b, íńtígírà f kò lè ju íńtígírà g lọ.

Fọ́ńṣọ̀n Dalzell nìyí, láti 0 dé 1:

f(x) = x⁴(1−x)⁴ / (1+x²)

Bí a bá pín iye òkè sí iye ìsàlẹ̀, ohun tó jáde ni

x⁶ − 4x⁵ + 5x⁴ − 4x² + 4 − 4/(1+x²).

Íńtígírà apá tó gbẹ̀yìn, 4/(1+x²), jẹ́ π láti 0 dé 1. Àwọn yòókù para pọ̀ di 1/7 − 2/3 + 1 − 4/3 + 4, èyí tí í ṣe 22/7. Nítorí náà, íńtígírà f jẹ́ 22/7 − π gẹ́lẹ́. Láàárín 0 àti 1, f ju òdo lọ, nítorí náà àyè abẹ́ rẹ̀ náà ju òdo lọ. Ó dájú pé 22/7 ju π lọ.

Èló ló fi jù ú? A ò mọ π tẹ́lẹ̀, nítorí náà a ó há íńtígírà yìí sáàárín méjì tó rọrùn. Bí x ṣe ń lọ láti 0 dé 1, 1+x² ń lọ láti 1 dé 2. Bí a bá fi 1 pín x⁴(1−x)⁴, èsì rẹ̀ kò lè kéré sí f. Bí a bá fi 2 pín in, kò lè ju f lọ. Íńtígírà x⁴(1−x)⁴ fúnra rẹ̀ kò le: 1/630 ni. Ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 1/1260. Nítorí náà:

1/1260 < 22/7 − π < 1/630

Ìyẹn ni pé π wà láàárín 3.1412 àti 3.1421. Ó dájú pé 3.14 ló fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ a ò tíì mọ̀ bóyá 1 tàbí 2 ló tẹ̀ lé e.

Ká ṣọ́ra níbi méjì. Ẹlòmíì á yẹ fọ́ńṣọ̀n méjì wò ní 0 àti ní 1 nìkan, á sì rò pé ọ̀kan wà lábẹ́ èkejì. x àti x² bára dọ́gba ní ibi méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n yàtọ̀ láàárín. Àárín gan-an ló yẹ ká wò. Èkejì ni ti iye òkè. Torí pé x⁴(1−x)⁴ kì í kéré sí òdo ni pípín in sí iye tó tóbi fi ń sọ ọ́ di kékeré. Bó bá bọ́ sísàlẹ̀ òdo, ìfiwéra náà á yí padà.

Bí ààlà méjì bá jìnnà síra jù, a lè gé ọ̀nà sí méjì ní 1/2. x⁴(1−x)⁴ rí bákan náà ní apá òsì àti ọ̀tún, torí náà íńtígírà rẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/1260. Ní apá òsì, 1+x² wà láàárín 1 àti 1.25, ní ọ̀tún, ó wà láàárín 1.25 àti 2. Ààlà ìsàlẹ̀ á di (0.8 + 0.5)/1260, ti òkè á sì di (1 + 0.8)/1260. Bí a bá yọ wọ́n kúrò lára 22/7, π á wà láàárín 3.1414 àti 3.1419. Ní báyìí, a ti mọ̀ pé 1 ló tẹ̀ lé 3.14, a ò sì fi ẹ̀rọ ìṣirò wá π níbì kankan.