Íńtígírà àti ọgbọ́n a + b − x

Íńtígírà tó ní ààlà méjì, láti a dé b, máa ń wọn àyè tó wà láàárín ìlà gíráàfù àti ìlà ìdúbúlẹ̀ x. Bí wọ́n bá yí gíráàfù náà padà, tí apá ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí òsì láàárín ààlà kan náà, àyè yẹn kò dín, kò lé, bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n láti etí kejì kò ṣe ní gùn sí i. Fífi a + b − x sípò x ló ń ṣe yíyí náà: a á di b, b á di a, àárín gbùngbùn kò sì ní kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tí èyí fi máa ń rí bẹ́ẹ̀:

∫ₐᵇ f(x) dx = ∫ₐᵇ f(a + b − x) dx

Ìdíje ìṣirò Putnam, tó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, béèrè èyí lọ́dún 1987:

I = ∫₂⁴ √ln(9 − x) / (√ln(9 − x) + √ln(x + 3)) dx

Ẹni tó bá gbà á lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe íńtígírà ní kíláàsì yóò làágùn lásán. Ẹni tó mọ ọgbọ́n yìí á kọ́kọ́ ro ààlà méjèèjì pọ̀: 2 + 4 = 6. Á wá fi 6 − x sípò x. 9 − (6 − x) di x + 3, (6 − x) + 3 sì di 9 − x. Àwọn méjèèjì kàn gba ipò ara wọn ni. Ìsàlẹ̀ ìdá náà kò yí padà, ṣùgbọ́n √ln(x + 3) ló wà lókè báyìí. Bí wọ́n bá ro I ti àkọ́kọ́ àti I tuntun yìí pọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ á dọ́gba, ohun tó kù ò sì ju 1 lọ:

2I = ∫₂⁴ 1 dx = 2, nítorí náà I = 1.

Ẹ̀rù lásán ni lọ́gáríìmù àti gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ ń dá bani.

Àmọ́ bí wọ́n bá fi 5 rọ́pò 4, 7 − x ni wọn yóò lò, 9 − (7 − x) á sì di x + 2, kì í ṣe x + 3. Ìdọ́gba tòkè yẹn ṣì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò wúlò fún nǹkan kan níbí. Ọ̀nà wà láti tètè mọ̀: kí wọ́n ṣírò f ní ààlà méjèèjì, kí wọ́n sì rò ó pọ̀. Ní 2, f fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.524; ní 4, ó jẹ́ nǹkan bí 0.476, àpapọ̀ wọn jẹ́ 1. Ní 5, ó jẹ́ nǹkan bí 0.449, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti 2 kò sì pé 1. Bí àyẹ̀wò yìí bá kùnà, kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Bó bá sì yege, ó ṣì yẹ kí wọ́n fi x gan-an yẹ̀ ẹ́ wò.

Íńtígírà náà sì gbọ́dọ̀ ní iye kó tó di pé wọ́n yí i padà. Lórí 1/x láti −1 dé 1, ọgbọ́n yìí á sọ pé 0 ni ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ gíráàfù náà já ní 0, àyè tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò sì lópin. Íńtígírà yẹn kò ní iye kankan.